Àwòrán kan, síkéèlì méjì: bí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ṣe ń ṣeé kà lórí bébà

Àwọn àwòrán ilé kan wà tí ògiri wọn pé, tí ilẹ̀kùn wọn wà níbi tó yẹ, síbẹ̀ tí birikilà ní láti gbé bébà náà sún mọ́ imú kó tó mọ̀ bóyá 3600 ni wọ́n kọ sí ara ògiri tàbí 3800. Àwọn ènìyàn máa ń dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ètò tí ayàwòrán kò ṣe nínú AutoCAD kó tó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló fà á.

Nínú AutoCAD, bí ilé ṣe tóbi gan-an la ṣe ń yà á sójú `Model`. Bí mìlímítà bá ni ẹyọ tí à ń lò, ògiri tó gùn ní mítà mẹ́ta, 3000 la ó tẹ̀ fún un. Ìgbà tí a bá dé ojú `Layout`, tí í ṣe ojú bébà, la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń gé fèrèsé tí a ó máa tinú rẹ̀ wo ilé náà ní síkéèlì kan. Ní 1:100, gbogbo ohun tó wà ní `Model` ló máa kéré ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún kó tó dé bébà, ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà náà kò sì yọ ara wọn sílẹ̀. Bí a bá kọ orúkọ yàrá sójú `Model` pẹ̀lú gíga 2.5, ohun tó máa dé orí bébà kò ní ju 0.025 mìlímítà lọ, kò sí ojú tó lè rí i. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn:

```
2.5 × 100 = 250
2.5 × 50  = 125
2.5 × 20  = 50
```

Gíga tí a fẹ́ lórí bébà ló wà lápá òsì, lẹ́yìn náà síkéèlì, gíga tí ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní lójú `Model` ló sì gbẹ̀yìn. Ohun tó yẹ kó dúró láìyẹsẹ̀ ni ti apá òsì yẹn. Ìwọ̀nba ohun tí ojú ènìyàn ń kà lórí bébà kò yí padà nítorí pé ilé tóbi tàbí ó kéré.

Ta ló wá sọ pé kó jẹ́ 2.5? Ìlànà ISO 3098, tó wà fún ọ̀rọ̀ inú àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ilé, to àwọn gíga kan kalẹ̀: 1.8, 2.5, 3.5, 5, 7, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ní mìlímítà. Wọn ò kàn fa nọ́ńbà wọ̀nyí yọ látojú ọ̀run. Bí ọ̀kan ṣe fi ju èkejì lọ bá bí bébà A2 ṣe fi gùn ju A3 lọ mu, débi pé bí a bá dín àwòrán A2 kù sí A3, ọ̀rọ̀ 3.5 yóò di nǹkan bí 2.5. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń fi 2.5 sí àkíyèsí àti nọ́ńbà ìwọ̀n, 3.5 sí orúkọ yàrá, 5 sí àkọlé. Ohun tó yẹ ká béèrè ṣáájú ni bébà wo ni wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ẹni tó ya àwòrán sórí A1, tó sì mọ̀ pé ẹ̀rọ A3 ni wọ́n ní ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ti gé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìdajì: 2.5 ti di 1.25. Kò sí ètò kankan nínú AutoCAD tó máa gbà á lọ́wọ́ ìyẹn, àfi kó tètè ṣètò sórí A3 látilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé alájà kan oníyàrá mẹ́ta, tó gùn ní 15600, tó sì fẹ̀ ní 11400. Ní 1:100, ó gba 156 sí 114 mìlímítà lórí A3, àyè sì ṣẹ́kù dáadáa fún ìlà ìwọ̀n. Àmọ́ ilé ìwẹ̀ rẹ̀ kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa lẹ táìsì àti ẹni tó máa fa páìpù omi nílò rẹ̀ ní 1:20, nínú fèrèsé kejì lórí bébà kan náà. Ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo ni, ògiri rẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde ní 2.5 nínú fèrèsé méjèèjì.

Láyé àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń kọ ọ́: ìkan pẹ̀lú `DIMSCALE`, iye tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ àti àmì ìlà ìwọ̀n di púpọ̀, ní 100, èkejì pẹ̀lú `DIMSCALE` 20, oríṣi kọ̀ọ̀kan lórí léyà tirẹ̀, kí wọ́n tó wá pa léyà kan nínú fèrèsé yìí, kí wọ́n pa èkejì nínú ìyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́, àwọn kan ṣì ń lò ó títí dòní. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí oníbàárà bá ní kí wọ́n pààrọ̀ táìsì, ọ̀rọ̀ méjì ni a ó tún ṣe, èyí tí a bá gbàgbé ló sì máa ń dé sáìtì.

Láti AutoCAD 2008 ni ohun tí wọ́n pè ní `Annotative` ti wà. Pẹ̀lú rẹ̀, gíga orí bébà nìkan la ó sọ fún ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìsọdipúpọ̀ náà fún síkéèlì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni `STYLE`. A ó dá irú ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, a ó fi àmì sí `Annotative`, a ó sì fi gíga rẹ̀ sílẹ̀ ní 0. Àwọn tó bá fi nọ́ńbà síbẹ̀ kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti so ara wọn mọ́ ọ̀kan ṣoṣo: bí irú ọ̀rọ̀ tí ìlà ìwọ̀n ń lò bá ti ní gíga tirẹ̀, gíga yẹn ló máa borí, ohun yòówù tí a ìbáà kọ sínú ètò ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lo ọ̀sán kan gbáko láti máa yí `Text height` padà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ju èyí lọ.

Lẹ́yìn náà ló kan `DIMSTYLE`, níbi tí ètò ìwọ̀n wà. A ó fi àmì sí `Annotative` níbẹ̀ náà. Gbogbo nọ́ńbà tí a bá kọ sínú rẹ̀ láti ìgbà náà, ìwọ̀n orí bébà ni: 2.5 fún ọ̀rọ̀, nǹkan bíi 1.5 fún àmì dídábùú tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò dípò ọfà, 1.25 fún bí ìlà ẹ̀gbẹ́ yóò ṣe yọ kọjá ìlà ìwọ̀n. Àlàfo àárín ìlà ẹ̀gbẹ́ àti ògiri, 0.625 ló wà nínú `ISO-25`, ètò ìwọ̀n tó bá AutoCAD wá. Ó kéré jù lójú tèmi, torí lórí bébà, ìlà náà máa ń dà bí ara ògiri. 1.5 dára jù. Lójú ewé `Primary Units`, a ó jẹ́ kí `Precision` wà ní 0, nítorí kò sí birikilà tó ń wọn ìdajì mìlímítà.

Lójú ewé yẹn kan náà ni ibi kan wà tó ń jẹ́ `Scale factor`. Kí a má fọwọ́ kàn án. Orúkọ rẹ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ, wọ́n rò pé ibẹ̀ ni a ti ń mú ọ̀rọ̀ tóbi. Kò kan bí ọ̀rọ̀ ṣe tóbi rárá. Iye tí nọ́ńbà ń kà ló ń yí padà. Bí a bá fi 0.5 síbẹ̀, ògiri 3000 yóò máa sọ pé òun jẹ́ 1500, yóò sì hàn kedere lórí bébà, tó mọ́, tó ṣeé kà. Nọ́ńbà tó kéré jù, wọ́n á bi ọ́ léèrè. Nọ́ńbà tó ń purọ́, wọ́n á kọ́lé lé e.

Kí a tó fa ìlà ìwọ̀n kankan, a ó yan 1:100 nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí `CANNOSCALE` wà. Ohun tí a bá kọ nígbà náà, 1:100 nìkan ló mọ̀. Fún ti ilé ìwẹ̀, a ó yan àwọn ìlà ìwọ̀n tí a fẹ́ kó hàn níbi méjèèjì, a ó tẹ `OBJECTSCALE`, a ó sì fi 1:20 kún un. Àkíyèsí nípa táìsì àti páìpù, tí a bá kọ ọ́ nígbà tí `CANNOSCALE` wà ní 1:20, kò ní yọ sójú àwòrán ńlá rárá. Ìyẹn dára, torí kò sí àyè fún un níbẹ̀.

Ibi tí èyí ti ń hàn jù ni ògiri bulọ́ọ̀kù 225. Nọ́ńbà "225" ní gíga 2.5 ń gba nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà lórí bébà. Ní 1:100, ògiri náà fúnra rẹ̀ kò ju 2.25 lọ, nọ́ńbà kò lè gbà sáàárín ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì tì í síta, nígbà míì sórí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 1:20, ògiri ti di 11.25, nọ́ńbà jókòó sáàárín pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí a bá wà ní 1:100, tí a fa nọ́ńbà náà lọ sókè díẹ̀, ti 1:20 kò ní mira. Ìlà ìwọ̀n kan ni, ṣùgbọ́n ó ń rántí ipò tirẹ̀ fún síkéèlì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dàrú pátápátá, `ANNORESET` máa dá wọn padà sí ibì kan náà.

Nínú `Layout`, a ó yan síkéèlì fún fèrèsé kọ̀ọ̀kan, a ó sì tì í pa. Bí a kò bá tì í, ẹnìkan á yí ìdí máòsì nínú rẹ̀, 1:100 á di 1:97 tàbí ohun tí kò lórúkọ, ọ̀rọ̀ yóò ṣì rò pé 1:100 ni òun wà. Bébà fúnra rẹ̀, 1:1 la ó tẹ̀ ẹ́, a ò ní lo `Fit to paper`.

Bí ọ̀rọ̀ bá pòórá nínú fèrèsé kan, ohun àkọ́kọ́ láti wò ni bóyá síkéèlì fèrèsé náà wà lára èyí tí ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Tí a bá sọ `ANNOALLVISIBLE` di 1, gbogbo rẹ̀ yóò yọ jáde, a ó sì rí èyí tó sá pamọ́. Lẹ́yìn náà ká dá a padà sí 0. Òdìkejì rẹ̀ ni `ANNOAUTOSCALE`. Bí ó bá wà ní títàn, gbogbo ìgbà tí a bá yí síkéèlì padà ni yóò máa fi síkéèlì tuntun kún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, tí òjìji mẹ́rin márùn-ún yọ yí i ká, òun ló ti ṣiṣẹ́. Pípa ló dára kó wà.

Kí a tó kó bébà lọ sáìtì, ká fa ìlà kan tó gùn ní 100 sí igun `Layout`, ká tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán, ká wá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí rúlà bá sọ pé 96, wọ́n ti fún àwòrán náà pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kó lè gbà sínú etí bébà. Ọ̀rọ̀ 2.5 ti di 2.4, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi rúlà síkéèlì wọn ògiri lórí bébà yẹn yóò gba iye tí kò tọ̀nà.