Lílo áígẹ́nfálù àti áígẹ́nfẹ́kítọ̀ láti tú ìdọ́gba ìyípadà méjì tó so kọ́ra

Ọ̀nà yìí wà fún ohun méjì tí ìyára ìyípadà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbára lé àwọn méjèèjì, tí àwọn nọ́ńbà inú ìdọ́gba wọn kì í sì í yí padà bí àkókò ti ń lọ. Ohun tí a ń wá ni ìdàpọ̀ tó jẹ́ pé, bí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìwọ̀n ọ̀kan sí èkejì kò ní yẹ̀. Ìdàpọ̀ náà ni áígẹ́nfẹ́kítọ̀. Ìyára rẹ̀ ni áígẹ́nfálù, tí a ń kọ ní λ.

Àpẹẹrẹ tàǹkì méjì

Ká ní ẹnì kan ń sin ẹja àrọ̀ ní Àkúrẹ́ nínú tàǹkì A àti B, tí omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ líta 1,000. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, líta 300 omi kànga ń wọ A, 400 ń lọ láti A sí B, 100 ń padà sí A, 300 sì ń ṣàn jáde láti B. Ó da iyọ̀ kílò 4 sí A láti fi tọ́jú ẹja. Bí x bá jẹ́ iyọ̀ inú A, tí y jẹ́ ti B, tí x' àti y' sì jẹ́ ìyára ìyípadà wọn ní wákàtí kan:

```
x' = -0.4x + 0.1y
y' =  0.4x - 0.4y
```

A ó yọ λ kúrò lára -0.4 méjèèjì, a ó sọ wọ́n di púpọ̀, a ó yọ 0.1 × 0.4 kúrò, kí ó lè di òdo: (-0.4 - λ)² - 0.04 = 0. Nítorí náà λ jẹ́ -0.2 tàbí -0.6.

Bí a bá fi -0.2 sínú ìlà àkọ́kọ́, y yóò jẹ́ ìlọ́po méjì x: (1, 2). Ti -0.6 ni (1, -2). Kò sí tàǹkì tó lè ní iyọ̀ tó kéré sí òdo; ìyàtọ̀ tó ń yára parẹ́ lásán ni èkejì yìí. Nígbà tí x jẹ́ 4, tí y jẹ́ 0, ìlọ́po 2 ni a nílò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yí padà bí e^(λt), tí t jẹ́ iye wákàtí tó ti kọjá:

```
x = 2e^(-0.2t) + 2e^(-0.6t)
y = 4e^(-0.2t) - 4e^(-0.6t)
```

Iyọ̀ B ga jù ní nǹkan bíi wákàtí 2.75, nígbà tó tó kílò 1.54. A lè fi ìlà kejì yẹ̀ ẹ́ wò: y' kì í di òdo àfi tí x àti y bá dọ́gba, wọ́n sì dọ́gba lóòótọ́ ní àkókò yẹn. Lẹ́yìn náà, B ń sún mọ́ ìlọ́po méjì A, bó ti wù kí a pín iyọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni fẹ́kítọ̀ sọ fún wa kí a tó ṣírò ohunkóhun mìíràn.

Níbi tí ọ̀nà náà ti ń kọsẹ̀

Bí a bá ti páìpù tó ń padà sí A, tí a wá jẹ́ kí líta 400 máa wọ A, kí 400 sì máa jáde láti B, 0.1 yóò di 0. Áígẹ́nfálù méjèèjì á di -0.4, fẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo, (0, 1), ló sì kù. Ìyẹn kò lè gbé iyọ̀ inú A rárá, nítorí pé x rẹ̀ jẹ́ òdo. A nílò t gẹ́gẹ́ bí ìsọdipúpọ̀:

```
x = 4e^(-0.4t)
y = 1.6t e^(-0.4t)
```

Nínú àwọn ètò mìíràn, λ lè jẹ́ nọ́ńbà tó ní gbòǹgbò nọ́ńbà òdì nínú, ìdáhùn á sì máa yí bíríkítí. Kì í ṣẹlẹ̀ láàárín tàǹkì méjì bí irú èyí, nítorí pé omi tó ń ṣàn láàárín wọn kì í jẹ́ òdì.