Ìyá, iyọ̀ ni kúúbù náà

"Dókítà, mi ò fi iyọ̀ sí i rárá." Mo ti gbọ́ ọ ní Kétu títí ó ti sú mi. Ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ikùn bàbá le bí awọ ìlù, ìdodo yọ síta. Ọjọ́ 21 ṣáájú la fa omi kúrò níkùn rẹ̀, tó fi kílò 58 lọ sílé. Ó dé orí òṣùwọ̀n, ó di 65.

Mo ní kí ìyá ka ohun tó fi se ọbẹ̀ rẹ̀ fún mi. Ilá, ata, ẹja gbígbẹ, kúúbù, kán-ún díẹ̀ kí ilá lè fà. Kò parọ́, kò bu iyọ̀ sí i.

Ẹ̀dọ̀ bíi ti bàbá, tí àrùn sìrọ́ọ̀sì ti sọ di àpá, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá. Kíndìnrín á ṣe bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ti dín lára, á di iyọ̀ mú, omi á sì tẹ̀ lé iyọ̀. Lítà kan omi inú ikùn gba iyọ̀ bíi gíráàmù 8. Kílò 7 tó padà jẹ́ lítà 7, ìyẹn gíráàmù 56. Ẹ pín in sí ọjọ́ 21, kò tó gíráàmù 3 lójúmọ́. Kúúbù kékeré kan sì rèé, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀, bíi gíráàmù 2. Kúúbù kan àti ààbọ̀ lójúmọ́ ló ru ikùn yẹn dé! Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ wà nínú kán-ún náà. Ṣíbí tíì kan tí a rẹ́ orí rẹ̀ ni gbogbo iyọ̀ tó yẹ kí bàbá jẹ lóòjọ́, ti búrẹ́dì àti ti ẹja wà nínú rẹ̀. Ata, alùbósà, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan.

Àwọn tó ń ta àgbo pé á fọ omi náà dànù ńkọ́? Wọ́n fún ọkùnrin mìíràn mu, ó yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ikùn fẹ́lẹ̀, ilé ń yọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó ń sùn lọ́sàn-án, kò sùn lóru, ó ń fi orúkọ ọmọ kan pe òmíràn. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Omi ara tó gbẹ ló ti pa kíndìnrín, ìdọ̀tí tí ẹ̀dọ̀ kò lè fọ̀ mọ́ gun orí ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kò tọ̀ láti àná. Kò padà sílé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí ẹ wá ní ọjọ́ tí mo bá dá, kódà bí ara bá le. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ lè ṣe irú ọṣẹ́ yẹn tó bá pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá yẹ̀ wò ló ń sọ fún mi. Bí ẹsẹ̀ kò bá wú, ìdajì kílò lójúmọ́ ni kí ìwọ̀n rẹ̀ máa fi dín, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ibà tàbí inú rírun bá dé, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà, ká fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ wò bóyá omi náà ti ní kòkòrò.

Ìyá ra ìwé kékeré kan. Àràárọ̀, bí bàbá bá ti tọ̀ tán, á gun òṣùwọ̀n, ọmọ wọn á kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá, ó ti di 61. Mo rí ibi tó ti fò sókè pẹ̀lú kílò kan láàárín ọjọ́ méjì. Mo fi ìka tọ́ ọ. Ìyá wo bàbá, bàbá wo ilẹ̀.

"Wọ́n ṣe ìkómọ nílé ẹ̀gbọ́n mi," ni bàbá ní.