Ẹja Àrọ̀ Ló Gba Máàkì Jù, Àmọ́ Kò Yege

Lọ́dọ̀ wa ní Adó-Èkìtì, àwọn tó ń gbé òwò mẹ́ta wá kí n bá wọn wò ó ti sábà yan ọ̀kan lọ́kàn kí wọ́n tó jókòó. Màmá tíṣà kan láti Ìyìn gbé ẹja àrọ̀, ilé iyán àti gààrì títà wá. Máàkì 1 sí 5 ni òwò kọ̀ọ̀kan ń gbà lábẹ́ Owó, Ìmọ̀, Àkókò àti Ibi. Wòlíì kan ti sọ fún wọn pé inú omi ni ògo wọn wà, ni wọ́n bá fún ẹja ní 5 lábẹ́ Ìmọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju kí wọ́n bá àbúrò wọn fún ẹja lóúnjẹ nígbà ọlidé. Ìran wòlíì kì í ṣe ìmọ̀, ẹ jọ̀ọ́! Ẹni tí kò ṣe é rí gba 1, ẹni tó ti bá ẹlòmíì ṣe é gba 3, ẹni tó ti ṣe é tó sì ti tà á gba 5. Mo fà á wálẹ̀ sí 3.

Ìlọ́po 3 ni mo fún Owó àti Ìmọ̀, 2 fún Àkókò àti Ibi. Ẹja gba 1, 3, 5, 5. Gààrì gba 4, 2, 4, 2. Iyán gba 3, 4, 1, 3. Àròpọ̀ wá jẹ́ 32, 30 àti 29. Inú màmá dùn.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kànga tó wà lẹ́yìnkùlé àti àyè àárọ̀ òun ìrọ̀lẹ́ ló gbé ẹja ga, wọ́n sì bo 1 tó wà lábẹ́ Owó mọ́lẹ̀. Owó ọmọ ẹja àti tàǹkì nìkan ni màmá ṣírò. Kí ẹja 500 tó wọn kílò kan kọ̀ọ̀kan, yóò jẹ nǹkan bí kílò 500 oúnjẹ, ó kéré tán. Àpò oníkílò 15 bíi 34 nìyẹn. Ẹ béèrè iye àpò kan, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 34. Bíi oṣù mẹ́fà ni ẹ ó fi máa ná an, láìrí kọ́bọ̀. Owó màmá kò lè gbé e dé oṣù kẹta, ẹja tí ebi ń pa á sì máa ń jẹ ara wọn. Kànga kò lè ra oúnjẹ.

Nítorí náà, mi ò fi àròpọ̀ lásán dájọ́. Òwò tó bá gba 1 níbikíbi ti já. Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú Excel nìyí:

```
=IF(MIN(B3:E3)<2,0,SUMPRODUCT(B3:E3,B$2:E$2))
```

Ìlà 2 ni ìlọ́po wà, ìlà 3 sí 5 ni òwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹja di 0. Iyán náà di 0, torí kíláàsì ni màmá máa ń wà lọ́sàn-án, nígbà tí ará Èkìtì ń wá iyán. Gààrì ló kù.

Wọ́n ní kí n sọ Owó ẹja di 2. Mo kọ̀. Ẹni tó bá ń tún máàkì ṣe lẹ́yìn tó ti rí àròpọ̀, kó kúkú jó bébà náà nù. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹja dandan, kí wọ́n kọ ẹja 100 sí ìlà 6 gẹ́gẹ́ bí òwò kẹrin: àpò méje ni, kí wọ́n sì fún un ní máàkì tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.