Ìnáwó Tí Gbogbo Iṣẹ́ Jọ Jẹ: Bí Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà Kan Ní Iléṣà Ṣe Lè Pín In

Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Iléṣà bá ní kí káfíńtà kan bá òun kan dẹ́sìkì 30, ohun méjì wà tí káfíńtà náà lè sọ láìṣí ìwé wò: iye tó ra pákó, àti iye tó san fún àwọn tó kàn án. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù ń bẹ tí a san fún odindi ọdún. Epo jẹnẹrétọ̀ ń bẹ, owó iná ń bẹ, owó oṣù fóòmàn tí kì í fọwọ́ ara rẹ̀ kan nǹkan kan ń bẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni sáńpépà, àtè, àti bíléèdì ẹ̀rọ tó máa ń kú. Kò sí iṣẹ́ kan pàtó tó lè sọ pé òun lòun jẹ wọ́n. Gbogbo iṣẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù ló jọ jẹ wọ́n. Ofáhẹ́ẹ̀dì ni àwọn akántáǹtì ń pè é. A ó máa pè é ní ìnáwó àjọpín.

Níbi tí iṣẹ́ kan kò ti jọ èkejì, bíi ti káfíńtà, wẹ́dà tàbí ìtẹ̀wé, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ń ní káàdì tirẹ̀. Orí káàdì yìí la ti ń kọ ohun èlò tó wọ inú iṣẹ́ náà gan-an, owó àwọn tó fọwọ́ ṣe é, àti ìpín tirẹ̀ nínú ìnáwó àjọpín. Ti ẹ̀kẹta yìí ló le. Oníbàárà fẹ́ gbọ́ iye lónìí, ọdún kò sì tíì parí débi tí a ó fi mọ iye epo tí a máa sun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dá iye kan sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí a ó sì máa bù ú lé iṣẹ́ bí iṣẹ́ bá ṣe ń wọlé.

Ká ní onísọ́ọ̀bù yìí jókòó ní oṣù kìíní, ó wo ọdún tó kọjá, ó sì ṣírò pé ìnáwó àjọpín ọdún tuntun yóò tó ₦3,600,000. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló ní. Tí a bá yọ ọjọ́ ìsinmi, àìsàn àti àkókò tí wọn kò rí iṣẹ́ ṣe kúrò, kálukú wọn á fi nǹkan bíi wákàtí 1,500 kan nǹkan, ìyẹn wákàtí 6,000 lápapọ̀. Ó wá pín owó náà sí wákàtí:

```
3,600,000 ÷ 6,000 = 600
```

Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá lò lórí iṣẹ́ kan, ₦600 ìnáwó àjọpín ni iṣẹ́ náà yóò rù, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Káàdì dẹ́sìkì 30 wá rí báyìí. Pákó, ìṣó àti fọ́níṣì jẹ́ ₦540,000. Wákàtí 120 ni wọ́n fi kàn wọ́n, ₦900 ni wákàtí kan, owó iṣẹ́ sì di ₦108,000. Ìnáwó àjọpín jẹ́ 120 lọ́nà ₦600, ìyẹn ₦72,000. Àròpọ̀ rẹ̀ ₦720,000, tó túmọ̀ sí pé dẹ́sìkì kan ná ṣọ́ọ̀bù ní ₦24,000 kí èrè tó gorí rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi pín in bí owó pákó bá ṣe pọ̀ sí. Wo ilẹ̀kùn ìrókò kan tí wọ́n ṣe lóṣù kan náà. Ìrókò wọ́n, nítorí náà ohun èlò rẹ̀ jẹ́ ₦180,000, ṣùgbọ́n wákàtí 20 péré ló gbà. Tí a bá fi wákàtí pín, ilẹ̀kùn yóò rù ₦12,000, dẹ́sìkì ₦72,000, àpapọ̀ ₦84,000. Tí a bá fi owó pákó pín ₦84,000 kan náà, ilẹ̀kùn yóò rù ₦21,000, dẹ́sìkì á sì rù ₦63,000. Ilẹ̀kùn tó lo ìdá kan nínú ìdá mẹ́fà àkókò dẹ́sìkì á wá máa gbé ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ẹrù rẹ̀, nítorí pé igi rẹ̀ wọ́n nìkan. Jẹnẹrétọ̀ kò mọ̀ bóyá ìrókò ni wọ́n ń fá tàbí ọ̀mọ̀. Bí ọwọ́ bá ṣe pẹ́ lórí iṣẹ́ sí ni epo ń jó sí, tí fóòmàn sì ń dúró tì í. Èyí bá ṣọ́ọ̀bù tí ọwọ́ èèyàn pọ̀ níbẹ̀ mu. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, wákàtí ọwọ́ kò ní tọ́ka sí ibi tí owó ń lọ mọ́, wákàtí ẹ̀rọ ló yẹ kí a máa kà.

Níbi kíka wákàtí yìí gan-an ni nǹkan ti máa ń dàrú jù, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọṣẹ́ sì ló sábà máa ń fà á. Ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kì í gba owó, ó kàn ń jẹun lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni. Onísọ́ọ̀bù wa kò ka wákàtí wọn nígbà tó ń ṣírò 6,000. Ó ka oúnjẹ wọn mọ́ ìnáwó àjọpín, ìyẹn sì tọ́. Ṣùgbọ́n tí fóòmàn bá ń kọ wákàtí ọmọṣẹ́ mọ́ ti òṣìṣẹ́ sórí káàdì, ₦600 á máa gorí wákàtí tí kò sí nínú ìṣirò ìpilẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ á máa ná ju bó ṣe yẹ lọ, oníbàárà á máa sọ pé ọ̀gá ti wọ́n jù, wọn á sì gba ìsàlẹ̀ ọjà lọ bá ẹlòmíràn. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí a ro wákàtí orí gbogbo káàdì oṣù kan pọ̀, kí a fi wé wákàtí tí a san owó fún nínú ìwé owó iṣẹ́. Ti káàdì kò gbọdọ̀ ju ti ìwé owó iṣẹ́ lọ. Ó lè dín díẹ̀, nítorí ọjọ́ tí iná kò sí tí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n tó bá jù ú lọ, ẹni tí a kò san owó fún ti wọ orí káàdì nìyẹn.

Ọdún wá parí. Owó tí ṣọ́ọ̀bù ná gan-an lórí ìnáwó àjọpín jẹ́ ₦4,120,000, nítorí pé epo gbówó lórí. Wákàtí tí wọ́n ṣe gan-an jẹ́ 6,200. Ohun tó ti gorí àwọn káàdì wá jẹ́ 6,200 lọ́nà ₦600, ìyẹn ₦3,720,000. Nínú ìwé, ojú kan náà ni méjèèjì pàdé: ohun tí a ná wà lápá òsì àkáǹtì ìnáwó àjọpín, ohun tí a bù lé iṣẹ́ wà lápá ọ̀tún. Apá òsì fi ₦400,000 ju apá ọ̀tún lọ. Ohun tí a bù lé iṣẹ́ kò tó nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn fi ₦4,120,000 wé ₦3,600,000 tí a fojú díwọ̀n, kó sì sọ pé ₦520,000 ló kù nílẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn sọ bí ìnáwó ṣe ju èrò lọ, kò sọ ohun tí iṣẹ́ kò tíì gbé. Wákàtí 200 tó lé lórí 6,000 ti gbé ₦120,000 kúrò nínú rẹ̀, èyí ló fi ku ₦400,000.

A kì í sáré palẹ̀ irú ìyàtọ̀ yìí mọ́ lóṣooṣù. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé nínú oṣù kẹsàn-án, iṣẹ́ á pọ̀, ohun tí a bù lé á ju ohun tí a ná lọ. Oṣù mìíràn á dá, owó ṣọ́ọ̀bù kò sì ní torí rẹ̀ dín. Oṣù kan ń san fún òmíràn. Ìparí ọdún la tó mọ ohun tó kù ní tòótọ́.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti pa ₦400,000 yìí rẹ́ ni pé kí a gbé gbogbo rẹ̀ lé iye tí àwọn ọjà tí a ti tà ná wa. Tí èrè kí a tó ṣe àtúnṣe bá jẹ́ ₦2,300,000, yóò di ₦1,900,000, ó parí. Bí iye tó kù bá kéré, kò sí ìdí láti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ₦400,000 kò kéré níbí, kì í sì ṣe gbogbo wákàtí 6,200 ló wà lórí ọjà tí a ti tà. Wákàtí 4,960 wà lórí èyí tí a ti tà, 930 wà lórí àwọn bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ti parí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà, 310 sì wà lórí iṣẹ́ tó ṣì wà lọ́wọ́. Ìyẹn jẹ́ 80, 15 àti 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí a bá pín ₦400,000 bẹ́ẹ̀, ọjà tí a ti tà á gbé ₦320,000, èyí tó wà nílẹ̀ ₦60,000, èyí tó wà lọ́wọ́ ₦20,000. Èrè á di ₦1,980,000. ₦80,000 tó yàtọ̀ kò sọnù. Ó dúró sórí ọjà títí wọn á fi rà á. Àwọn kan máa ń fi àpapọ̀ iye ọjà pín in, pákó àti owó iṣẹ́ mọ́ ọn. Ó yá, ṣùgbọ́n ó dá wàhálà ìrókò wa padà sílẹ̀: ọjà tí igi rẹ̀ wọ́n á tún gbé ohun tí kò jẹ. Ìnáwó àjọpín tó wà nínú ọjà ló yẹ ká fi pín in. A kì í sì í padà sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó ti gba dẹ́sìkì rẹ̀ láti lọ béèrè owó kún un. Inú ìwé nìkan ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tó fa àìtó náà ló ń sọ bóyá a lè pín in bẹ́ẹ̀. Níbí, epo tó wọ́n ló fà á, òṣìṣẹ́ kò sì jókòó lásán, nítorí náà ọjà tó wà nílẹ̀ jẹ nínú epo yẹn lóòótọ́. Ká ní iṣẹ́ ni kò wọlé, tí wákàtí já sí 4,000, owó ṣọ́ọ̀bù tí ìdá rẹ̀ ṣòfò kì í ṣe iye bẹ́ẹ̀dì kankan. IAS 2, ìlànà ìṣirò káríayé lórí ọjà tó wà nílẹ̀, kò gbà kí a gbé irú òfò bẹ́ẹ̀ lé ọjà. Inú ìnáwó ọdún náà ló ń lọ.

Tó bá jẹ́ pé ₦3,500,000 péré ni wọ́n ná, ohun tí a bù lé á fi ₦220,000 ju ohun tí a ná lọ. Ọ̀nà kan náà la ó gbà, àmọ́ yíyọ ni a ó yọ ọ́ kúrò, èrè á sì ga sí i. Kí onísọ́ọ̀bù má tíì yọ̀. Àwọn iye tó dá fún oníbàárà látoṣù kìíní ti ga ju bó ṣe yẹ, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó béèrè tí wọn kò padà wá mọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀ sá lọ.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, ìṣirò náà tún bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú epo tó ti wọ́n, ó fojú díwọ̀n ₦4,200,000 fún wákàtí 6,000, iye wákàtí kan sì di ₦700. Tí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn bá béèrè dẹ́sìkì 30 tó gba wákàtí 120, ìnáwó àjọpín orí káàdì rẹ̀ á jẹ́ ₦84,000 dípò ₦72,000: ₦400 lé lórí dẹ́sìkì kọ̀ọ̀kan, kí a tó tíì fọwọ́ kan iye pákó.