Ẹni tó ń yẹ àṣìṣe wò kọ́ ló ni ìwé

Gbogbo ìgbà tí àsìkò sìkọ́láṣíìpù bá ti dé ni mo máa ń gbọ́ ọ ní Ifẹ̀ níbí: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yọ Yorùbá kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì mi.” Inú mi kì í dùn sí i. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ ẹni tó ń bá wọn yẹ ìwé wò ni láti kó gírámà ńlá sí i, àti pé bí ìwé bá padà láìyàtọ̀ púpọ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ní ìlú yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ni pé àwọn àṣìṣe kan wà tí kò sí ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì tó lè tún wọn ṣe láìbi ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ wo ìwé ọmọ Iléṣà kan tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó. Ìyá àgbà rẹ̀ tó ń ta obì ní ọjà Atákúnmọ̀sà ló kọ nípa rẹ̀. Ìyá náà kò lọ sùkúù. Hóró àgbàdo ló fi ń mọ gbèsè: agolo mílíìkì kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, hóró kan fún ogún obì.

Àṣìṣe kan hàn kedere níbẹ̀. Arọ́pò-orúkọ ẹlẹ́ni púpọ̀ ni ọmọ náà fi ń pe ìyá àgbà látòkè délẹ̀, torí pé ọmọ tí a kọ́ kì í pe àgbà ní “ó”. Òǹkàwé tí kò gbọ́ Yorùbá yóò máa wá àwọn ìyá yòókù kiri. Ẹ sọ ọ́ di ti obìnrin kan ṣoṣo, kí ẹ máa lọ.

“Yúústù”, ìyẹn “used to” ti Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣòro. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé òun ni “máa ń”, la bá ń fi í sọ ohun tí ẹnìkan ń ṣe lójoojúmọ́ títí di òní. Lẹ́nu àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ti dópin ló ń sọ. Nígbà tí ọmọ yìí wá kọ ọ́ pé ìyá àgbà “yúústù” ta obì, kí ló ní lọ́kàn? Bí ìyá ṣì ń tà á, ọ̀rọ̀-ìṣe àsìkò ìsinsìnyí lásán ló yẹ kó lò. Bí ó bá ti fi ọjà sílẹ̀, tàbí ó ti di olóògbé, “yúústù” tọ̀nà, kò sì sí ohun tí a ó tún ṣe. Gírámà kò lè sọ èyí fúnni. Ọmọ náà nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ilé kọ̀ǹpútà tó gbé e lọ kò bi í. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di àsìkò tó ti kọjá. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ ẹni tó bá kà á yóò rò pé ìyá ti kú, bẹ́ẹ̀ ó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Wọ́n tún fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe àṣìṣe. Ọmọ náà ti kọ ọ́ ní gbólóhùn kéékèèké pé ìyá kà á, ó tún un kà, bí kò bá pé, ó da agolo sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ látorí. Wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí gbólóhùn kan, wọ́n ní ìyá náà jẹ́ aláfiyèsí ènìyàn. Agolo lọ, hóró àgbàdo lọ. Àwítúnwí yẹn kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, kò sì ba òfin gírámà kankan jẹ́. Kí ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀?

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń tan Track Changes nínú Word, kí gbogbo ibi tí mo fọwọ́ kàn lè hàn. Ohun tó dá mi lójú, bíi “s” tó fò, ni mo ń tún ṣe tààrà. Ibi tó bá ní ìtumọ̀ méjì, n kì í tún un ṣe, mo ń fi New Comment béèrè: “Ṣé Mọ́mọ́ ṣì ń tajà?” Oníwèé ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ Accept tàbí Reject lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

N kò sọ pé ìwé tí ohùn ọmọ náà ṣì wà nínú rẹ̀ ni yóò gba owó o. Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé kan fẹ́ràn gírámà ńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sìkọ́láṣíìpù ló ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò, bíi ti Chevening, ẹ sì kíyè sára: bí wọ́n bá bèèrè nípa ìyá àgbà tí ìwé ti sọ di olóògbé, ọmọ yín ni yóò dáhùn, kì í ṣe ilé kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀la bá ni pọ́tà sìkọ́láṣíìpù máa tì, tí ẹ kò sì rí ọmọ náà bá sọ̀rọ̀, ẹ tún arọ́pò-orúkọ àti “s” ṣe, kí ẹ fi “yúústù” sílẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó lè rí i kó tó fi ránṣẹ́.