Àpótí ẹja kan ní Olúwo: ìdí tí fífà fi rọrùn ju títì lọ

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo lọ ra ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní físíìsì, tó wà ní kíláàsì karùn-ún girama, ló bá mi gbé báàgì. Níwájú ìsọ̀ ìyá ẹlẹ́ja tí mo máa ń bá rà, alábàárù kan ń ti àpótí onígi tí ẹja àti yìnyín kún inú rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó na apá méjèèjì sísàlẹ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Àpótí ò mira.

Ìyá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o tì í? Okùn wà lára ẹ̀, fà á!"

Ó yí padà, ó gbá okùn mú, ó fà á. Àpótí tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ mi wò mí: "Sà, àpótí kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, ẹni kan náà ni. Kí ló yí padà?"

Ohun tó yí padà kò sí lára àpótí. Ó wà láàárín ìdí àpótí àti ilẹ̀, ojú ò sì lè rí i àfi téèyàn bá yà á. Mo mú bírò, mo yà á sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi wé ẹja.

Bí a ṣe ń ya àwòrán ipá nìyí. A ó mú ohun kan ṣoṣo, àpótí yìí, a ó yọ ọ́ kúrò nínú ayé. Kò sí ilẹ̀ mọ́, kò sí okùn, kò sí alábàárù. Àpótí nìkan ló kù lórí ìwé, kódà àmì roboto kékeré kan ti tó dípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo ohun tó ń fà á tàbí tó ń tì í nínú ayé gidi, a ó fi ọfà kọ̀ọ̀kan dípò rẹ̀, ọfà náà á sì kọjú síbi tí ohun náà ń darí àpótí sí. Ìbéèrè kan wà tí mi ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan fò: ta ló ni ọfà yìí? Bí kò bá lè dárúkọ ohun tó ń fà tàbí tó ń tì, kó pa ọfà rẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ya ọfà síwájú fún ohun tó ti ń lọ, wọ́n á ní "ipá ìrìn" ni. Kò sẹ́ni tó ni ín. Ìrìn kì í ṣe ipá. Òfin àkọ́kọ́ tí Newton kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1687 ti sọ pé ohun tó ń lọ á máa lọ bó ṣe ń lọ bí kò bá sí ipá tó ṣẹ́ kù láti yí i padà.

Ọfà mẹ́rin ni àpótí wa ní. Ayé ń fà á sísàlẹ̀: ìwúwo rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ ń gbé e ró sókè: ẹ jẹ́ ká pè é ní ìgbéró. Okùn ń fà á síwájú: ipá okùn, tí àwọn tíṣà ń pè ní tẹ́nṣọ̀n. Ilẹ̀ sì tún ń dì í mú sẹ́yìn: ìdìmú ilẹ̀, èyí tí ẹ mọ̀ sí fíríkíṣọ̀n. Ọfà méjì ló jẹ́ ti ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn wà.

Ká ní àpótí náà jẹ́ kílò 60. Ká fi 10 ṣe òṣùwọ̀n fífà ayé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ìdánwò; ìwúwo rẹ̀ á jẹ́ 600 N, ìyẹn newton, ohun tí a fi ń wọn ipá. Ká tún ní igi àti sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ń di ara wọn mú débi ìdajì ìgbéró kí àpótí tó ṣí, ìyẹn 0.5. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ti ilẹ̀ tirẹ̀, kó so òṣùwọ̀n onírin tí àwọn ẹlẹ́ran fi ń gbé ẹran kọ́ mọ́ àpótí kékeré kan, kó fà á gbọrọgbọrọ, okùn kó má gbé sókè. Bí àpótí kílò 4 bá ṣí nígbà tí òṣùwọ̀n kà 2, ìdajì ni.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kíyè sí nípa ìdìmú ilẹ̀: kì í ṣe iye kan tó dúró sójú kan. Bí okùn bá fa àpótí gbọrọ pẹ̀lú 100 N tí kò ṣí, 100 N péré ni ilẹ̀ fi dì í mú. Bí ẹ bá fi 200 N fà á, ilẹ̀ náà á gbé tiẹ̀ dé 200 N. Ohun tí ẹ bá mú wá ló ń dá padà, títí agbára rẹ̀ fi tán. Ibi tó ti ń tán ni ìdajì ìgbéró. Tí okùn bá wà gbọrọ, ìgbéró á jẹ́ 600 N bíi ìwúwo, agbára ìdìmú á tán ní 300 N. 300 N ló máa ṣí àpótí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n okùn alábàárù kò wà gbọrọ. Ó gbé sókè láti ìdí àpótí dé ọwọ́ rẹ̀. Ká ní dígírì 30. Okùn tó dagun báyìí ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: apá kan ipá rẹ̀ ń fa àpótí síwájú, apá kejì ń gbé e díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ohun tí okùn bá ti gbé, ilẹ̀ ò ní gbé e mọ́. Ìgbéró dín kù, bí ìgbéró bá sì ti dín kù, ìdìmú náà dín kù nìyẹn. Bó ṣe rí lórí ìwé nìyí, nígbà tí àpótí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí, tí T jẹ́ ipá okùn, tí T cos 30° jẹ́ apá rẹ̀ tó ń fà síwájú, tí T sin 30° sì jẹ́ apá tó ń gbé sókè:

```
T cos 30° = 0.5 × (600 − T sin 30°)
0.866T = 300 − 0.25T
T = 300 ÷ 1.116 = 269 N
```

Ẹ wá wo títì. Apá rẹ̀ na sísàlẹ̀, dígírì 30 náà ni. Ipá ọwọ́ rẹ̀, P, ń ti àpótí síwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá kejì rẹ̀ ń tẹ àpótí mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ní láti gbé ẹrù, ó tún ní láti gbé títẹ̀ yẹn mọ́ ọn. Àmì kan ṣoṣo ló yí padà nínú ìṣirò:

```
P cos 30° = 0.5 × (600 + P sin 30°)
0.866P = 300 + 0.25P
P = 300 ÷ 0.616 = 487 N
```

Láti 269 sí 487! Díẹ̀ ló kù kí èyí kejì tó ipá téèyàn fi ń gbé odidi àpò sìmẹ́ńtì kúrò nílẹ̀. Nígbà tó ń fà á, ìgbéró ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 466 N. Nígbà tó ń tì í, ì bá ní láti dé nǹkan bí 843 N kí àpótí tó ṣí. Àpótí kan náà, ilẹ̀ kan náà. Ọmọ yẹn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ so àpótí mọ́lẹ̀, ó tún ń bá ìdè náà jà.

Àṣìṣe tí mò ń fi gègé pupa fà lábẹ́ jù nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: wọ́n á kọ ọ́ pé ìgbéró jẹ́ 600 N, láìwo ibi tí okùn kọjú sí. Wọ́n rò pé òfin kẹta Newton ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn sọ pé bí ilẹ̀ ṣe ń gbé àpótí sókè, àpótí náà ń tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú ipá tó dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọfà tí àpótí fi ń tẹ ilẹ̀ kì í wá sórí àwòrán àpótí rárá. Ìgbéró àti ìwúwo kì í ṣe tọkọtaya. Wọ́n máa ń dọ́gba nígbà tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà lókè àti nísàlẹ̀, tí ilẹ̀ sì tẹ́jú. Bí okùn bá ti dagun, ẹ ka gbogbo ọfà òkè, ẹ ka gbogbo ọfà ìsàlẹ̀, kí ẹ tó kọ ìgbéró.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tún béèrè ìdí tí àpótí fi já síwájú gìrì nígbà tó ṣí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá alábàárù lẹ́sẹ̀. Ohun tó ti ń yọ̀ lórí ilẹ̀, ilẹ̀ kì í dì í mú tó ohun tó dúró. Ká ní ó wálẹ̀ láti 0.5 sí 0.4. Bí alábàárù bá ṣì ń fi 269 N fà á, ilẹ̀ á máa dì í mú pẹ̀lú 186 N, okùn á sì máa fà á síwájú pẹ̀lú 233 N. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 47 N, òun ni àpapọ̀ ipá. Òfin kejì ní ká pín in fún kílò 60: nǹkan bí 0.8 m/s² ni ìyára àpótí á fi máa pọ̀ sí i. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti ń rìn bí ẹni tó ń rọra ṣeré lọ. Ẹni tí kò bá dẹ okùn díẹ̀ lá fi kókósẹ̀ san án.

Ìyá ẹlẹ́ja ti ń gbọ́ wa láti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, ẹ sọ bí okùn yẹn ṣe yẹ kó gùn tó."

Ìbéèrè tó dára jù lọ láàárọ̀ yẹn nìyẹn. Ká ní ibi tí okùn ti so mọ́ àpótí fi 70 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tó ń fà á. Okùn mítà kan ó lé 40 sẹ̀ǹtímítà á fún wa ní dígírì 30 gan-an. Pẹ̀lú 0.5, igun tó dára jù jẹ́ nǹkan bí dígírì 27, ìyẹn okùn tó fi díẹ̀ lé ní mítà kan àtààbọ̀, ṣùgbọ́n èrè tó wà níbẹ̀ ò tó 1 N. Kó má ṣe dààmú lórí ìyẹn. Ohun tó yẹ kó sá fún ni okùn kúkúrú. Bí okùn bá jẹ́ 80 sẹ̀ǹtímítà, ó dìde dé dígírì 61, ipá tó máa ṣí àpótí á di 325 N, ó burú ju fífà gbọrọ lọ: okùn ń gbé àpótí ju bó ṣe ń fà á lọ. Okùn gígùn kì í dá irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó tilẹ̀ jẹ́ mítà márùn-ún, nǹkan bí 283 N ló máa gbà.

Títì náà ní ibi tí ọ̀nà ti dí. Bí apá bá na sísàlẹ̀ tayọ dígírì 63 lórí ilẹ̀ yìí, kò sí ipá tó lè ṣí àpótí mọ́. Bí ẹ ṣe ń fi kún un ni ilẹ̀ ń fi kún tiẹ̀, tirẹ̀ sì ń yára jù. Ẹni tó bá jẹ́ pé kò ní okùn, tó gbọ́dọ̀ tì í, kó bẹ̀rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi wà gbọrọ pẹ̀lú ilẹ̀. 300 N nìyẹn, ó sàn ju 487.

Ìyá gé okùn náà síbi mítà kan àtààbọ̀, ó fi ọ̀bẹ ẹja gé e. Ó ní èyí tó kù á dáa fún fífi de àpò.