Ibi tí ojú ìwé 23A ti wá nínú ìwé eré

Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Eré alárìnjó tí àwọn èèyàn wa ń wò láyé ìgbà náà kì í sábà ní ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ eré sí. Ọ̀gá á la ìtàn sílẹ̀, òṣèré á fi ẹnu ara rẹ̀ kún un. Bí ọ̀gá bá fẹ́ yí nǹkan padà, á pè wọ́n jọ, á sọ ọ́, ó parí. Ta ni yóò béèrè pé èwo ni tuntun nínú ìwé méjì nígbà tí kò sí ìwé?

Ní Họ́líwúùdù, ìwé ló ń darí iṣẹ́. Láti bí àwọn ọdún 1910 ni àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ti ń kọ gbogbo ìran sílẹ̀, tí wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà kí kámẹ́rà tó dé. Aláṣọ, onílé, oníná, olówó, gbogbo wọn ló ń fi nọ́ńbà yẹn ṣètò. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ onísìtẹ́ńsù ni wọ́n fi ń tẹ ìwé náà, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò nílé ìwé wa láyé ọjọ́un. Wọn ò lè tún gbogbo ìwé tẹ̀ nítorí ìlà kan. Ojú ìwé tó yí padà nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, lórí bébà aláwọ̀ mìíràn, kí kálukú fa ti àtijọ́ yọ, kó sì fi tuntun sí ipò rẹ̀. Funfun ló ṣíwájú, búlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà píńkì, yẹ́lò, aláwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọ̀ bá tán, wọ́n á padà sí búlúù kejì.

Lójú tèmi, àwọ̀ kọ́ ni ọgbọ́n ibẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà ìran àti ti ojú ìwé kò gbọdọ̀ ṣí kúrò ní ipò rẹ̀.

Ká ní àwọn ọ̀dọ́ kan ní Bódìjà ń ṣe fíìmù kékeré fún ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè l'Ọ́jà Ọ̀jẹ́. Ìwé eré ti délé gbogbo èèyàn, wọ́n ti ṣètò ọjọ́ iṣẹ́. Ni ìyá bá ní kí òǹtajà inú ìran 31, tó wà lójú ìwé 23, ṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín sányán, àlàárì àti ẹtù. Ọ̀rọ̀ náà kún ju ojú ìwé lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ kó ṣàn lọ, 24 á di 25, gbogbo ohun tí olùdarí ti kọ sí etí ìwé tirẹ̀ á ṣìnà. Nítorí náà, èyí tó ṣẹ́ kù bọ́ sí 23A, 24 kò mira. Lókè ojú ìwé méjèèjì ni wọ́n kọ "Búlúù, 14/3/2025" sí. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó yí padà ní àmì ìràwọ̀ létí ọ̀tún. Orúkọ fáìlì náà sì sọ ohun kan náà:

```
ASO-OKE_2025-03-14_BULUU.fdx
```

Wọ́n tún fi àlàyé ráńpẹ́ ṣọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀: "Ìran 31, ojú ìwé 23 àti 23A: òǹtajà ṣàlàyé aṣọ mẹ́ta. Ìyá oníṣẹ́ ló béèrè. Aláṣọ, ẹ wá ẹtù kún un."

Bí wọ́n bá yọ ìran 35, nọ́ńbà rẹ̀ á dúró, wọ́n á kàn kọ "A ti yọ ọ́" síbẹ̀. Ẹdítọ̀ ni èyí ń gbà là. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí pátákó tí wọ́n ń pa níwájú kámẹ́rà ló fi ń wá àwòrán àti ohùn. Bí 36 bá di 35 lẹ́yìn tí wọ́n ti ya díẹ̀, ìran méjì á máa jẹ́ orúkọ kan.

Ibi tó ti máa ń dàrú jù ni ìràwọ̀. Bí píńkì bá dé tí wọn ò pa ìràwọ̀ búlúù rẹ́, ẹni tó ń kà á ò ní mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lánàá yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wo ojú ìwé píńkì kan: bí ìràwọ̀ bá wà létí ìlà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, wọn ò pa á rẹ́ nìyẹn. Títi nọ́ńbà pa, kó má lè ṣí mọ́, ṣáájú àkókò tó yẹ náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Tí ìwé bá ṣì ń yí padà lójoojúmọ́, kí ọjọ́ iṣẹ́ tó dé ẹ ó ti ní 23A, 23B títí dé 23F. Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ọjọ́ iṣẹ́.

Bébà aláwọ̀ kò pọn dandan mọ́, pàápàá fún ẹni tó ń ka ìwé lórí fóònù. Kò sì sí àtò àwọ̀ kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, nítorí náà ẹ kọ tiyín sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Déètì ni kí ẹ má fi ṣeré. Nígbà tí ìyá bá tún fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù pé "ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lójú ìwé 24," ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n kọ sókè ojú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín?"